Ẹ Má Tíì Pè É ní Ọjọ́ Ogbó: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Dókítà Tó Ń Tọ́jú Bàbá Mi

Dókítà wa,

Mo mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo mọ àwọn ìyá tó ń ti Múṣín wá kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè tètè gba káàdì. Iṣẹ́ yín kò rọrùn, n kò sì kọ lẹ́tà yìí láti bù yín kù.

Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ mọ́. Mo gbìyànjú láti bá yín sọ̀rọ̀ nínú yàrá yín, ẹ ní kí n jẹ́ kí Bàbá fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo kọ ìwé pélébé kan sínú fáìlì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ohunkóhun lórí rẹ̀. Nígbà tí a wá kẹ́yìn, ẹ ní, "Ọjọ́ ogbó ni, ẹ máa fara dà á," ẹ sì pe ẹni tó kàn. Mo kọ ọ́ síta nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ní Súrùlérè, Yábàá àti Múṣín ni wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, tí wọ́n sì gbé òbí wọn padà sílé láìsí àyẹ̀wò kankan. Mo ka lẹ́tà náà fún Bàbá ní òwúrọ̀ kan tí iyè rẹ̀ jí pépé. Ó gbà kí n gbé e jáde, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. N kò dárúkọ yín náà.

Ẹni ọdún 76 ni Bàbá. Wọ́kṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta ló ti fẹ̀yìn tì. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àpò ìtọ̀ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n dànù dáadáa nítorí prósíteeti. Ẹ mọ gbogbo èyí, ó wà nínú fáìlì. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe iyè rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì jọ bẹ̀rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ ti ń rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ó máa ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan. Ó ń da orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ó lọ ra bàtà ní Téjúoṣó, nígbà tó ń bọ̀, ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí a ti kó kúrò láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá wa kọ́kọ́ ń bò ó mọ́lẹ̀. Òun ló ń bá a dáhùn nígbà tí àlejò bá bi í ní nǹkan. Nǹkan yìí bà wá nínú jẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá ṣì ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń jà nítorí bọ́ọ̀lù.

Èkejì dé lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Bàbá di ẹlòmíràn. Kì í ṣe bákan náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Láàárọ̀, tí mo bá ní kó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn, láti Àbámẹ́ta wá sí Àìkú, á kà á tán. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kò ní lè kọjá ọjọ́ Ẹtì kó tó gbàgbé ohun tí òun ń ṣe. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ lórí oúnjẹ. Ní òru, á dìde, á máa bá àwọn ènìyàn tó ní òun rí lára kọ́tìnnì sọ̀rọ̀, á máa ṣèrànrán bí ẹni tí ibà mú, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ kò sì gbóná. Ọjọ́ kejì, òun náà á tún bi mí ìdí tí ojú mi fi pọ́n.

Dókítà, ìgbàgbé tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méjì lè jẹ́ àrùn iyè tí kò ní oògùn tó lè lé e lọ pátápátá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fi ọkàn sí nǹkan kan, ó sábà máa ń ní ohun tó fà á nínú ara, a sì lè wo ohun náà sàn bí a bá tètè rí i. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra tẹ́lẹ̀ ni irú rẹ̀ tún máa ń tètè bá. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, ẹ pè é ní ọjọ́ ogbó. Ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ ni bí ẹ ṣe yẹ iyè rẹ̀ wò. Ẹ béèrè bí iṣẹ́ rélùwéè ṣe rí láyé ìgbà náà, Bàbá sì ka àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin fún yín láti Ìddó, Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Múṣín, Oṣòdì, Ìkẹjà, títí dé Agége, kò fo ẹyọ kan. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọpọlọ rẹ̀ mú ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ti mọ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn ló máa ń pẹ́ jù lọ kó tó lọ. Ohun tuntun ni kì í dúró. Ká ní ẹ bi í ní ohun tó jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ẹ̀ bá rí ohun tí à ń rí. Ògì àti mọ́ínmọ́ín ló jẹ. Nínú ọkọ̀ tí a bá padà sílé, ó ń fi ìbínú sọ fún mi pé a kò fún òun ní oúnjẹ láti àná.

Lẹ́yìn náà ni ẹ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kó tún máa yọ méje nínú èyí tó kù. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ẹ ní kò burú, kò kúkú kàwé púpọ̀. Ẹ gba èyí tó mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé kò sí ohun tó ṣe é, ẹ sì fojú fo èyí tí kò mọ̀.

Àwọn dókítà Yorùbá ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1992, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn, lára wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun tó kú ní 1995 àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì tó tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianápólíìsì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wọ ilé dé ilé ní Ìdíkàn, ní àárín ìgboro Ìbàdàn, wọ́n ń yẹ àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sókè wò. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n sì ṣe ìbéèrè náà lọ́nà tí ẹni tí kò kàwé rí kò fi ní kùnà nítorí àìkàwé. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ àgbà kò fọwọ́ kan bírò rí láti yàwòrán, àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ṣe ìdánwò mìíràn tó jẹ́ pé igi ìṣáná ni wọ́n máa ń tò sílẹ̀ kí àgbà náà tò ó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ fún mi ni pé wọn kì í fi ẹnu aláìsàn nìkan mọ. Wọ́n máa ń jókòó ti ọmọ, ìyàwó tàbí ìbátan, wọ́n á béèrè bóyá bàbá yìí ṣì ń rántí ibi tó ń gbé nǹkan sí, bóyá ó ṣì mọ ọ̀nà ilé, bóyá iṣẹ́ tó ń ṣe ní irọ̀rùn tẹ́lẹ̀ ti wá di ìṣòro. Èmi tí ẹ ní kí n dákẹ́ ni wọn ì bá kọ́kọ́ bi.

Ẹ ṣì dúró síbẹ̀, nítorí èsì ìwádìí náà dá ọ̀rọ̀ yín lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2001, nínú 100 àgbàlagbà ní Ìdíkàn, ẹni tí àrùn iyè ríra ń mú tuntun láàárín ọdún kan lé díẹ̀ ní ẹyọ kan, ìyẹn 1.35. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianápólíìsì, ó lé ní mẹ́ta, 3.24. Àgbà ni gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àgbà Yorùbá tó pọ̀ jù lọ ń dàgbà, ń hewú, iyè wọn sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ti Bàbá mi bá ti lọ, ó ní ohun tó mú un lọ.

Ẹ̀sùn mi kejì ni oògùn, òun ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ apòògùn. Òun ló da gbogbo oògùn Bàbá sórí tábìlì, tó fi ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ọjọ́ tí ìrànrán bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń ta Bàbá nítorí àtọ̀gbẹ, ẹ kọ amitríptílììnì fún un pé kó máa lò ó lálẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ṣì ń ta òun, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìlọ́po méjì yẹn ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí bá kọ́tìnnì sọ̀rọ̀. Ní àkókò kan náà, ọ̀fìnkìn mú un, ó sì ń ra Píríítìn fúnra rẹ̀ ní kẹ́mísítì tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa.

Ẹ mọ èyí jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí àwọn ọmọ yòókù lè gbọ́. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní asetikólììnì, òun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn nígbà tí a bá fẹ́ rántí nǹkan tàbí fi ọkàn sí nǹkan. Òun kan náà ló ń mú itọ́ wá sẹ́nu, tó ń ti ìgbẹ́ lọ síwájú nínú ìfun, tó sì ń jẹ́ kí àpò ìtọ̀ fún ara rẹ̀. Amitríptílììnì àti Píríítìn ń dí i lọ́nà. Ọ̀dọ́ lè lò wọ́n kí ẹnu rẹ̀ gbẹ lásán. Ní ara àgbà tí iyè rẹ̀ ti ń dín kù tẹ́lẹ̀, wọ́n lè dà á láàmú pátápátá, pàápàá bí ó bá ń lo méjèèjì pọ̀. Ẹnu Bàbá gbẹ débi pé oúnjẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìtọ̀ rẹ̀ ń kán tó, tó, bẹ́ẹ̀ ikùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ le. Ìtọ̀ tó bá dúró pẹ́ nínú àpò lè kó kòkòrò, kòkòrò inú ìtọ̀ sì wà lára ohun tó máa ń mú kí àgbà máa ṣèrànrán. Ìyá wa sọ ti ìtọ̀ yẹn fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó gba ìtọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò.

A ti gba Píríítìn lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí dókítà kankan kò kọ ọ́ fún un. Amitríptílììnì tiyín ni, a kò dá a dúró. Àbúrò mi ní kò dára kí a já a lójijì, dókítà ló yẹ kó dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ni à ń dúró dè.

Dáónílì tó ń lò fún àtọ̀gbẹ tún wà níbẹ̀. Oògùn yìí ń fipá mú kí ṣúgà lọ sílẹ̀ yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun, ó sì máa ń pẹ́ nínú ara àgbà, pàápàá bí kíndìnrín bá ti rẹ̀. Bàbá tó ti ń gbàgbé pé òun jẹun náà ló tún ń gbàgbé pé òun kò jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń pè mí ní orúkọ ìyá rẹ̀. Mo gún un níka, mo wọn ṣúgà rẹ̀: 52 ni. Ohun tó bá ti wà nísàlẹ̀ 70 ti kéré jù. A fún un ní ohun mímu aládùn, a sì jókòó tì í. Kí ó tó tó ogún ìṣẹ́jú, ó wò mí, ó pè mí ní orúkọ mi, ó ní ta ló da omi sí òun láṣọ. Ọjọ́ ogbó kì í lọ láàárín ogún ìṣẹ́jú, Dókítà. Mo mú nọ́ńbà yìí wá fún yín nínú ìwé pélébé tí mo sọ. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ní àwọn ìrọ̀lẹ́ mìíràn tí mo wọ̀n ọ́n, ṣúgà rẹ̀ wà bó ṣe yẹ, ó sì tún ń ṣèrànrán. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun tó ń ṣe é ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀sùn kẹta kò gùn. Bàbá ṣubú nínú balùwẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó fi orí gbá ògiri. Kò ya, kò ṣẹ̀jẹ̀, a fi omi gbígbóná jó o, a gbàgbé rẹ̀. Ó ń lo aspirínì kékeré fún ọkàn. Láìpẹ́ yìí, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, ó sì máa ń di orí mú láàárọ̀. Nínú àgbà, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ láàárín ọpọlọ àti agbárí lẹ́yìn irú ìṣubú bẹ́ẹ̀, kí àmì rẹ̀ tó hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ síkáànù ya àwòrán orí, wọ́n á rí i, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì lè fà á jáde. Mo sọ ti ìṣubú yìí, ẹ dá mi lóhùn pé ó ti pẹ́. Bó ṣe pẹ́ gan-an ló mú kí ó yẹ ní wíwò.

Ohun kan tún wà tó dun Ìyá wa. Lójú Bàbá ni ẹ ti sọ pé bí òru bá ń dà á láàmú, kí a gbé e lọ sí Yábàá. Ẹ mọ ohun tí ará Èkó ń gbọ́ bí wọ́n bá ti dárúkọ Yábàá báyẹn. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ti wà níbẹ̀, àwọn dókítà tó mọṣẹ́ ló wà níbẹ̀, n kò sì ní kọ̀ bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló yẹ kí Bàbá lọ. Ṣùgbọ́n a kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a kò tíì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, a kò tíì yẹ orí rẹ̀ wò. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í fẹ́ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wa mọ́. Ó ń rò pé Yábàá ni a fẹ́ gbé òun lọ jù sí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí, Dókítà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó pẹ̀lú gbogbo oògùn rẹ̀ lójú kan, a ó kó o wá sínú àpò. Ẹ dín amitríptílììnì kù, kí ẹ sì wo bóyá oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn wà tí kò ní máa já ṣúgà rẹ̀ walẹ̀ bíi Dáónílì.

Ẹ kọ ìwé àyẹ̀wò fún wa: ìtọ̀, ṣúgà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ kíndìnrín, tírọ́ọ̀dù, àti fítámììnì B12, nítorí pé ó ti pẹ́ lórí Mẹ́tífọ́mììnì, oògùn yẹn sì lè dín fítámììnì náà kù. Ẹ kọ ìwé síkáànù orí. A mọ̀ pé owó ni, a ti ń dá a jọ nínú ẹbí.

Lẹ́yìn tí ìrànrán bá ti lọ, ẹ wá fi èdè Yorùbá yẹ iyè rẹ̀ wò ní òwúrọ̀, kí èmi tàbí Ìyá wa sì wà níbẹ̀. Nígbà náà ni a ó mọ iye tó kù tó jẹ́ ti ìgbàgbé ọlọ́dún méjì yẹn, a ó sì mọ bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ àrùn tí kò ní ìwòsàn, ẹ sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀. A kò bẹ̀rù òtítọ́.

Bí àkókò yín kò bá gba gbogbo èyí, ẹ fún wa ní lẹ́tà lọ bá àwọn dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Kò jìnnà sí wa, a ó gbé e lọ.

Mo sì ní láti sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014, ní abala 23, sọ pé kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ṣàlàyé ipò ìlera rẹ̀ fún un, àyẹ̀wò tó wà àti ìtọ́jú tó wà, kó sì ṣe é ní èdè tó yé aláìsàn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bàbá mi. Bí a bá tún dé ọ̀dọ̀ yín, tí a sì tún gbọ́ "ọjọ́ ogbó ni" láìsí ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ wa, n ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn yín, n ó sì béèrè fáìlì Bàbá. Bí wọn kò bá dá mi lóhùn, n ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ. N kò fẹ́ kó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ara Bàbá jù, ó sì fẹ́ràn yín. Títí di ìsinsìnyí, orúkọ yín wà lára àwọn orúkọ tí kò tíì gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni káàdì wa. N ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi níléèwé, n ó sì wọlé pẹ̀lú Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí n dúró síta.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ọmọ aláìsàn yín,
Súrùlérè, Èkó.